Ẹ̀kán Méjì Lábẹ́ Eyín Kan: Ọ̀sẹ̀ Méjì Nílé Kéwú Ní Ìkirè

Bí ẹ bá ní owó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tàbí ẹgbẹ̀rún kan náírà lápò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ síta kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí ìkọ̀wé kan lára rẹ̀ tí kò jọ A, B, D tí a fi ń kọ èdè wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àdúrà ni, tàbí ẹsẹ Kùránì kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè Haúsá ni, iye owó náà ló sì ń sọ. Lẹ́tà àwọn Lárúbáwá ni wọ́n kàn fi kọ ọ́. Irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àjàmí, tí àwọn àgbà Yorùbá ń pè ní ànjẹ́mi.

Ìjà tí a ti jà lórí ìkọ̀wé yìí kò kéré. Ní ọdún 2007, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára náírà márùn-ún, mẹ́wàá, ogún àti àádọ́ta. Ní ọdún 2014, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n ṣe fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà. Ní ọdún 2020, agbẹjọ́rò kan ní Èkó pe ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó kù. Èmi kò ní dá sí ẹjọ́ náà lónìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí, lórí rédíò àti ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè kà á. Èmi náà kò lè kà á nígbà náà. Owó kọ́ ló sì sún mi dé ibi tí mo ti kọ́ ọ, ilẹ̀ ni.

Àpòmù ni mo ń gbé. Ìdílé wa ní oko kòkó kan lẹ́bàá odò, tí ìdílé mìíràn ti ń dá láti ìgbà tí bàbá bàbá mi wà láyé. Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko náà bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ ibẹ̀ láti tà á. Wọ́n ní bàbá bàbá wa ti tà á fún bàbá bàbá wọn. Àwọn tiwa ní rárá, pé ó yá a ni. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láàyè. Ohun kan ṣoṣo tó wà ni ìwé pélébé kan tó wà nínú àpótí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí bàbá bàbá wa fi ń ṣe ìṣirò òwò rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ànjẹ́mi: ọ̀rọ̀ Yorùbá, lẹ́tà Lárúbáwá.

A gbé ìwé náà fún àáfà ọ̀dọ́ kan. Ó kà á, ó ní, "Oko ẹ̀bá odò ni mo tà." Ojú wa walẹ̀. A gbé e fún ẹlòmíràn. Òun náà kà á, ó ní, "Oko ẹ̀bá odò ni mo yá a." Ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí gan-an ni eku ti jẹ etí ìwé, nítorí náà a kò lè mọ̀ bóyá "fún" tẹ̀lé e tàbí kò tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí fi ìpàdé àwọn ìdílé méjèèjì sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Èmi ni mo ti fẹ̀yìn tì nínú wa, èmi ni àyè gbà. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tó wà nínú ìwé yẹn, kí n lè mọ ìdí tí ẹni méjì tó mọ̀wé fi ka ohun kan náà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àáfà àgbà kan wà ní Ìkirè tí wọ́n júwe fún mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti Àpòmù sí Ìkirè kò jìnnà, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásàrì. Mo sọ fún Bàbá pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé lẹ́tà lo fẹ́ kọ́ ni, àbí ìrun? Jókòó, ọmọ mi." Ó fún mi ní wàláà kan, pátákó pẹrẹsẹ tí ọwọ́ àwọn ọmọ ti dán, pẹ̀lú kálámù tí ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ lójú mi. Àwọn ọmọ tó yí mi ká ń lo báírò àti ìwé olójú-ewé ọgọ́ta. Mo bi Bàbá léèrè ìdí tí tèmi fi yàtọ̀. Ó ní bàbá bàbá mi kò fi báírò kọ tirẹ̀. Ìdáhùn yìí kò yé mi títí di ọjọ́ kọkànlá.

Lẹ́tà méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa bọ̀ sí òsì. Ẹni tó bá gbọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lè rò pé àwòrán méjìdínlọ́gbọ̀n ni yóò kọ́ sórí, ṣùgbọ́n Bàbá kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó kọ àwòrán kan sórí wàláà, tó dà bí ọkọ̀ ojú omi kékeré tí kò ní nǹkan nínú. Ó fi kálámù kán ẹ̀kán tàdáwà kan sábẹ́ rẹ̀, ó ní báà nìyẹn. Ó nu ẹ̀kán náà kúrò, ó kán méjì sórí rẹ̀, ó ní táà nìyẹn. Ó kán ẹ̀kẹta kún un lókè, ó di sáà. Ọkọ̀ kan, lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ̀kán nìkan ló yà wọ́n. Bákan náà ni jíímù, háà àti káà ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí ráà àti sáàyì jẹ́ ìbejì, tí síínì àti ṣíínì sì jẹ́ ìbejì mìíràn. Bí a bá ṣà wọ́n jọ báyìí, àwòrán méjìdínlógún péré ló kù láti kọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo lè dárúkọ gbogbo wọn bí Bàbá bá fi igi tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ karùn-ún ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá kì í dá dúró nínú ọ̀rọ̀. Wọ́n a máa di ara wọn mú, bí ẹni ń jó tí wọ́n so ọwọ́ pọ̀, bí wọ́n bá sì ti so pọ̀, ìrísí wọn a yí padà. Ọkọ̀ ojú omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo ìrù rẹ̀ ni a ó gé sọnù. Ohun tó máa kù kò ju eyín kékeré kan lọ lórí ìlà, bí eyín ayùn. Èyí kò bá burú, bí kì í bá ṣe pé núúnù àti yáà, tí wọn kò jọ báà rárá nígbà tí wọ́n bá dá dúró, máa ń di eyín kan náà bí wọ́n bá wọ inú ọ̀rọ̀. Lẹ́tà márùn-ún, eyín kan ṣoṣo. Bí ẹ̀kán kan bá wà lábẹ́ eyín náà, báà ni. Bí ọ̀kan bá wà lókè, núúnù ni. Bí méjì bá wà lókè, táà ni. Bí mẹ́ta bá wà lókè, sáà ni. Bí méjì bá wà nísàlẹ̀, yáà ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí owó tí ẹ yọ láti àpò. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìkọ̀wé yẹn tí í ṣe "náírà" gan-an. Ẹ wá a láti ọwọ́ ọ̀tún. Eyín kan pẹ̀lú ẹ̀kán kan lókè: núúnù. Eyín kejì pẹ̀lú ẹ̀kán méjì nísàlẹ̀: yáà. Lẹ́yìn náà, ìlà kan tó tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi dòjé: ráà. Ráà kì í di ẹni tó wà ní òsì rẹ̀ mú. Lẹ́tà mẹ́fà ló ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba ọwọ́ ẹni tó ṣíwájú wọn, wọn kò sì ní na ọwọ́ sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà àlàfo díẹ̀ wà, kí igi gbọọrọ kan tó dúró lóun nìkan: álífù. N, Y, R, A. Ọjọ́ kẹfà ni mo kà á, lórí ọ̀kadà, nígbà tí mo fẹ́ san owó fún ẹni tó gbé mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà nínú ìkọ̀wé náà láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìyẹn, ọlọ́kadà sì rò pé owó náà ló ní àléébù tí mo fi ń wò ó bẹ́ẹ̀.

Àlàfo inú ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ojú tó ti mọ́ A, B, D lára. Nínú ìwé tiwa, àlàfo túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tí kì í na ọwọ́ ni a kàn pàdé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò máa gé ọ̀rọ̀ kan sí méjì, yóò sì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan wà ní ẹ̀gbẹ́ mi tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé kì í wo àlàfo. Ó máa ń wo lẹ́tà tó ṣíwájú àlàfo náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà, yóò kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo jí ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi dódò Ìkirè san án fún un.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Bàbá fi àwọn àmì fáwẹ̀lì kún un. Mẹ́ta ni wọ́n. Ìlà kékeré tó dagun lórí lẹ́tà ń mú un dún bí "a"; irú ìlà kan náà lábẹ́ lẹ́tà ń mú un dún bí "i"; àmì tó dà bí ìkọ́ kékeré lórí lẹ́tà ń mú un dún bí "u". Mẹ́ta péré. Ẹ sì mọ̀ pé fáwẹ̀lì méje ni Yorùbá ní, láìka àwọn tó ń gba imú jáde. Kí ni ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá yóò wá ṣe? Nínú ìwé bàbá bàbá mi, ìlà òkè dúró fún "a", ó sì tún ń dúró fún "ẹ" nígbà mìíràn. Ìlà ìsàlẹ̀ ni "i" àti "e", ó sì máa ń gba "ẹ" mọ́ra. Ìkọ́ ni "u", "o" àti "ọ". Kò sí àmì ohùn kankan. Kò sí "p", kò sí "gb"; báà ló fi kọ àwọn méjèèjì. Nítorí náà bí ó bá kọ álífù, báà àti álífù, "àgbà" lè ni, "àpá" lè ni, "àbá" náà sì lè ni. Kò sí ohun tó lè sọ fún yín àyàfi ọ̀rọ̀ tó yí i ká.

Mo bi Bàbá pé báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe wá ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó kọ, ẹni tó sì fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá kí ó tó mọ lẹ́tà. Òótọ́ ni. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ ọ́ kò gbọ́n. Yorùbá kò ní ìlànà kan ṣoṣo nínú ànjẹ́mi rí. Oníkálùkù ló ń ṣe bí etí rẹ̀ ti sọ fún un. Ní Ìlọrin ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Badamasi Agbaji fi í kọ ewì tí a ṣì mọ̀ títí di òní. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọ̀mọ̀wé kóra jọ ní Èkó, wọ́n sì fìdí ìlànà tí a ó fi máa fi lẹ́tà A, B, D kọ Yorùbá múlẹ̀. Ànjẹ́mi kò rí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé nínú àpótí àwọn àáfà àti àwọn oníṣòwò, pẹ̀lú ìnáwó ìsìnkú, orúkọ ajigbèsè àti iye àpò kòkó.

Ọjọ́ kọkànlá ni Bàbá ní kí n mú ìwé náà wá. Kò wo ìlà tí a ń jà sí rárá. Ó ní kí n fi kálámù kọ táà, kí n kán ẹ̀kán méjì lé e, kí n sì ṣe kíá bí ẹni tí oníbàárà dúró tì. Mo ṣe é. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo ṣe é ní ìgbà kẹfà tàbí ìkeje, mo rí i pé ẹ̀kán méjèèjì ti di ìlà kékeré kan ṣoṣo, nítorí pé ọwọ́ tó ń sáré kì í gbé kálámù sókè láàárín wọn. Báírò náà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n kálámù tó fẹ̀ lẹ́nu ló ń ṣe é tí ìlà náà fi dọ́gba pẹ̀lú àmì "a" tó ń dagun lórí lẹ́tà. Bàbá fi igi rẹ̀ tọ́ ìlà kékeré náà, ó ní, "Kí nìyí? Ṣé ẹ̀kán méjì ni, àbí àmì fáwẹ̀lì?" Ẹni tí kò bá wo gbogbo ojú ewé kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìgbà yẹn ni a tó wá ṣí ojú ewé tí a ń bá ara wa jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀ jẹ́ eyín kan tó di álífù mú. Ìlà kékeré kan wà lókè eyín náà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ká ìwé náà, ìká náà sì ti gé tàdáwà ibẹ̀ dànù. Àáfà ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ kà á rí ìlà òkè, ó kà á sí ẹ̀kán méjì, ó pe lẹ́tà náà ní táà: "tà". Ẹni kejì ka ìlà yẹn sí àmì "a", ó ronú pé ẹ̀kán náà ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́, ó pè é ní yáà: "yá". Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ tí a tà àti ilẹ̀ tí a yá, ìlà tí kò gùn ju ìrẹsì kan lọ ni.

Bàbá kò sọ ẹni tó tọ̀nà fún mi. Ó ní kí n lọ wá "tà" mìíràn nínú ìwé náà, tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀. Mo rí mẹ́rin, nítorí pé oníṣòwò ni bàbá bàbá mi, títà ni iṣẹ́ rẹ̀: àpò kòkó ló tà, obì ló tà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà méjì ló wà lórí eyín náà, ọ̀kan lórí èkejì: ìlà ìsàlẹ̀ ni ẹ̀kán méjì tó di ọ̀kan, ìlà òkè ni àmì "a". Kò fo àmì "a" sílẹ̀ níbì kankan nínú àwọn mẹ́rin yìí. Bí ó bá jẹ́ "tà" ló wà nínú ìlà tiwa, ó yẹ kí ìlà méjì wà lókè. Ẹyọ kan ló wà. A jẹ́ pé àmì "a" ni ẹyọ kan náà, ẹ̀kán lẹ́tà náà sì wà níbòmíràn. Kò sì sí ibòmíràn tó kù fún un ju abẹ́ eyín lọ, níbi tí ìká ti gbà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n Bàbá mi orí. Ó ní báà náà ní ẹ̀kán lábẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀kán kan ló ti nù, kì í ṣe méjì, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì jẹ́ "bá", "pa" tàbí "gbà". "Oko ẹ̀bá odò ni mo gbà" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀. Mo gbìyànjú láti fi iná tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé náà, kí n wò bóyá tàdáwà ṣì wọ inú rẹ̀. Àbàwọ́n díẹ̀ wà níbẹ̀ tó fẹ̀ ju ẹ̀kán kan lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ohun tí ojú ewé yẹn lè sọ kò ju pé kì í ṣe "tà" lọ.

Déètì wà lórí rẹ̀, 1371, ti kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí. Nọ́ńbà nìkan ni kì í gba ọ̀tún bọ̀ sí òsì nínú ìwé yìí. Bí a ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Bàbá ṣí i fún mi pé ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1951, ó sì parí ní oṣù Kẹsàn-án 1952. Nítorí náà ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta tó kù ṣe ni pé mo ń wá àwọn ojú ewé tí déètì wọn ga ju ìyẹn lọ. Bí ẹnì kan bá ra oko lọ́dún 1371, kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ tún máa wọlé nítorí oko náà lẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ wọlé. Lábẹ́ 1374, orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, iye owó kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà láàárín wọn. Orúkọ náà, ọ̀rọ̀ kan náà àti iye owó tún wà lábẹ́ 1375 àti 1377. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí ọmọ ilé kéwú, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Álífù pẹ̀lú ìlà nísàlẹ̀: "i" tàbí "e". Àlàfo. Eyín mẹ́ta tó tò tẹ̀léra pẹ̀lú ẹ̀kán mẹ́ta lókè, ó di álífù mú: "ṣa". Àlàfo, nítorí álífù wà lára àwọn mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, orí roboto kan pẹ̀lú ẹ̀kán kan lókè àti ìkọ́: gẹ́gẹ́ bí ìwé tí àwọn ọmọ ń kà ti wí, fáà nìyẹn, "fu" tàbí "fo" tàbí "fọ". Lẹ́yìn rẹ̀, láámù pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀, tó di yáà mú: "li", "le", "lẹ". Ìṣáfólé? Èṣáfúlì? Kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú Yorùbá tí mo mọ̀. Mo padà rántí pé àáfà ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ ti kan ọ̀rọ̀ yìí, ó sì sọ fún wa pé orúkọ ènìyàn ni.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá ní ọjọ́ kẹtàlá. Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ dákẹ́. Ó ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Íjíbítì àti Lẹ́bánónì ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ ọ báyìí. Nínú ìwé yẹn, ẹ̀kán kan lórí orí roboto ni fáà, ẹ̀kán méjì ni kọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn baba wọn bá nílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó ti ọ̀nà Mọ̀rókò wá láti ìgbà pípẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú tiwọn, fáà ní ẹ̀kán kan nísàlẹ̀, kọ́ọ̀fù sì ní ẹ̀kán kan ṣoṣo lókè. Ohun tí ọmọ òde òní ń pè ní "f", "k" ni bàbá bàbá mi kọ. Ó ní kí n lọ wo "fún" nínú ìwé náà bí n kò bá gba òun gbọ́. Mo wò ó. Ẹ̀kán fáà wà nísàlẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Mo wá fi "k" rọ́pò "f". I, ṣá, kọ́, lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ kòkó kò nílò àlàyé. Fún ẹni tó ń gbé ní ìlú ńlá, ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí ẹni tó ń dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń san lọ́dọọdún, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń san án lórí ilẹ̀ tí ó ti rà. Ó sì san án ní 1374, ní 1375 àti ní 1377.

Agbẹjọ́rò tí a bá sọ̀rọ̀ kò jẹ́ kí inú wa dùn jù. Ó ní ìwé tí ẹnì kan dá kọ sínú àpótí ara rẹ̀, tí ẹni kejì kò tẹ̀ ka sí, kò lágbára tó ìwé àdéhùn; pé ilé ẹjọ́ yóò béèrè ẹni tó kọ ọ́, ibi tó ti wà láti ìgbà náà, àti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ó sì ní kí èmi má ṣe jẹ́ olùtumọ̀ rẹ̀, nítorí ọmọ ẹjọ́ ni mí. Nítorí náà ní ọjọ́ ìpàdé, a kò kà á fún wọn. A gbé ojú ewé mẹ́rin síwájú àwọn ìdílé kejì, pẹ̀lú àwọn "tà" mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn "fún" tó ní ẹ̀kán nísàlẹ̀, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú àáfà tiwọn wá. Wọ́n mú àgbàlagbà kan wá. Ó fi ìka tọ ìlà 1374 láti ọ̀tún wá sí òsì, kò sì ṣe bí èmi, kò dúró níbì kankan. "Ìṣákọ́lẹ̀," ni ó wí, ó sì gbójú sókè wo àwọn tó mú un wá.

Wọn kò tíì dá wa lóhùn. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní oṣù kan, a sì ti fún wọn. Wọn kò wọn ilẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Èmi ṣì ń lọ sí Ìkirè ní ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Ojú ewé mọ́kànlá ló kù nínú ìwé náà tí n kò tíì kà. Ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ ìyá bàbá mi lókè, iye kan ní pọ́n-ùn, àti ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báà tí n kò tíì mọ̀ bóyá "gb" ni tàbí "p".